Àkọsílẹ̀ ìpàdé lórí owó ilé-ìwé: báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ tí yóò ṣeé lẹ̀ mọ́ pátákó, tí yóò sì ṣeé fi sínú fáìlì?

Akọ̀wé Tuntun (ọjọ́ Ajé, 8:12 alẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Kò pẹ́ tí wọ́n yàn mí ní akọ̀wé ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ní ilé-ìwé tí àwọn ọmọ mi ń lọ, ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo sì kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni ti ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, èyí tí a pè nítorí owó ilé-ìwé. Alága fẹ́ kí n parí rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó pé, kí a lẹ ẹ̀dà kan mọ́ pátákó ìkéde, kí a fi ọ̀kan ránṣẹ́ sórí ẹgbẹ́ Wátsáàpù àwọn òbí, kí a sì fi ọ̀kan pamọ́ sínú fáìlì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀gá ilé-ìwé gbé àbá wá pé kí owó ilé-ìwé fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan dìde, ó ní òun fara mọ́ ọn bí ilé-ìwé bá lè gbà kí òbí máa san owó sáà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta dípò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Alága ní kí a nawọ́. Ẹni 39 nawọ́ pé àwọn fẹ́ ẹ, ẹni 26 nawọ́ pé àwọn kò fẹ́. Ìwé ìwọlé tí a fi sẹ́nu ọ̀nà ní orúkọ ènìyàn 74. Akápò sì ka orúkọ àwọn òbí mẹ́rin tí wọ́n ṣì jẹ ilé-ìwé ní gbèsè.

Gbólóhùn tí mo kọ ni pé: «Lẹ́yìn àríyànjiyàn gígùn, gbogbo ilé fohùn ṣọ̀kan pé kí owó ilé-ìwé fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i.» Mo to orúkọ àwọn òbí mẹ́rin yẹn sísàlẹ̀ rẹ̀. Alága wò ó, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí 39 àti 26 kò tó 74, n kò sì mọ ohun tí mo lè kọ nípa àwọn tó kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta (8:40 alẹ́)

Ẹ kú iṣẹ́, akọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ìṣirò nìyẹn, kò le. Ẹ yọ 65 kúrò nínú 74, ó ku 9. Ẹ kọ ọ́ pé ẹni 39 fara mọ́ ọn, ẹni 26 kò fara mọ́ ọn, ẹni 9 kò dá sí i. Gbogbo rẹ̀ yóò sì bára mu. Ṣùgbọ́n «fohùn ṣọ̀kan» yẹn kò dára rárá, torí pé ẹni 26 tó nawọ́ pé àwọn kò fẹ́ yóò rí i lára pátákó pé wọ́n ti sọ àwọn di ẹni tó fẹ́ ẹ. Èmi náà ìbá bínú.

Àgbà Akọ̀wé (9:25 alẹ́)

Mo kí yín o. Mo ti ṣe akọ̀wé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, mo sì ti rí i tí ìwé ìpàdé owó ilé-ìwé dá ìjà sílẹ̀ ju ìpàdé fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n mú un ní ẹsẹ̀ẹsẹ̀.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta sọ òótọ́ nípa «fohùn ṣọ̀kan», ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ẹni 9 tí wọ́n ní kí ẹ kọ. Ìwé ìwọlé ń sọ iye ènìyàn tó wọlé láti àárọ̀ títí ìpàdé fi tú ká. Kò sọ iye ẹni tó jókòó nígbà tí a nawọ́. Àwọn kan ti lè lọ mú ọmọ kí a tó dé orí ìbò, àwọn kan ti lè dé lẹ́yìn tí a nawọ́ tán tí wọ́n sì fi orúkọ wọn sí i. Bí ẹ bá kọ pé ẹni 9 kò dá sí i, ẹ ti jẹ́rìí sí ohun tí ẹ kò rí nìyẹn, ẹni kan ṣoṣo tó bá sì dìde ní ìpàdé tó ń bọ̀ pé òun ti lọ sílé ní wákàtí yẹn, ó ti ba gbogbo ìwé náà jẹ́. Ẹ kọ ohun tí ẹ kà, ẹ má sì kọ ohun tí ẹ yọ: «Orúkọ ènìyàn 74 ló wà nínú ìwé ìwọlé. Nígbà ìbò, ẹni 39 nawọ́ pé àwọn fara mọ́ àbá náà, ẹni 26 nawọ́ pé àwọn kò fara mọ́ ọn. A kò ka àwọn tí kò nawọ́.» Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn kò fi yín hàn bí aláìmọ̀ṣẹ́, ńṣe ni yóò gbà yín. Nígbà mìíràn, kí alága tó ní kí wọ́n nawọ́, kí ẹ ka iye orí tó wà nínú gbọ̀ngàn, kí ẹ sì kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ohun kejì wúwo jù ú lọ. Ẹ wo gbólóhùn yín dáadáa: ibo ni sísan lẹ́ẹ̀mẹta wà nínú rẹ̀? Ohun tí ẹ sọ fún wa ni pé ìyá yẹn fara mọ́ ọn lábẹ́ àdéhùn kan, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a sì nawọ́. Bí àdéhùn yẹn bá wà lára ohun tí a nawọ́ sí, kí ó wà nínú gbólóhùn kan náà pẹ̀lú ìdá 15, kí ó má ṣe wà ní ìpínrọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn kì í ka ìwé ara pátákó tán. Wọ́n á fi fóònù ya àwòrán ìlà méjì tó kàn wọ́n, wọ́n á sì fi ránṣẹ́ síra wọn. Èyí tí ẹ bá fi sí ìlà kẹta ti sọ nù nìyẹn.

Ohun kẹta: ẹ wo òfin ẹgbẹ́ yín bóyá ẹgbẹ́ ló ní àṣẹ láti fi kún owó ilé-ìwé. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, owó ẹgbẹ́ nìkan ni ẹgbẹ́ lè fọwọ́ ara rẹ̀ dá. Owó ilé-ìwé wà lọ́wọ́ àwọn alákòóso ilé-ìwé, ẹgbẹ́ a sì máa dámọ̀ràn fún wọn ni. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ «ẹgbẹ́ pinnu pé kí owó lé», ẹ kọ «ẹgbẹ́ pinnu láti dámọ̀ràn fún àwọn alákòóso pé». Nígbà tí òbí bá wá bi yín pé ta ló fi owó kún owó, ìdáhùn ti wà nínú ìwé.

Ní ti àwọn òbí mẹ́rin, ẹ yọ orúkọ wọn kúrò lálẹ́ òní kí ẹ tó sùn.

Ìyá Ìbejì (10:03 alẹ́)

Ẹ jọ̀wọ́, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé la ń sọ, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tó bí ìbejì san owó kíkún lórí àwọn méjèèjì? Mo bèèrè ní ìpàdé tiwa, alága dáhùn pé àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé ìpàdé jáde, kò sí ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀ rárá. Ó dùn mí gan-an. Ó dà bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀.

Àgbà Akọ̀wé (10:15 alẹ́)

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Bóyá kí wọ́n dín owó ìbejì kù, ilé-ìwé yín nìkan ló lè dáhùn ìyẹn. Ṣùgbọ́n apá kejì ọ̀rọ̀ yín kan ohun tí akọ̀wé ń bèèrè. Kì í ṣe gbogbo ohun tí ènìyàn bá sọ la ń kọ, àmọ́ nígbà tí alága ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn yóò gbé e yẹ̀ wò, ó ti di iṣẹ́ tí ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣe. Ó yẹ kí ìwé náà sọ ẹni tí yóò gbé e yẹ̀ wò àti ọjọ́ tí yóò mú èsì wá. Bí akọ̀wé bá gbàgbé irú rẹ̀, ẹ má dákẹ́: nígbà tí wọ́n bá ka ìwé náà ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, ẹ dìde kí ẹ ní kí wọ́n fi kún un.

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹrin (ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀. Olùkọ́ ni mí, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí kí akọ̀wé tó lẹ nǹkan mọ́ pátákó. Ní ilé-ìwé tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, akọ̀wé kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni sọ ní ìpàdé owó ilé-ìwé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Mo ti sọ níbẹ̀ pé àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ni ti gbó. Ní ọjọ́ kejì tí wọ́n lẹ̀ ẹ́, bàbá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, lójú àwọn ọmọ, ó ní èmi ni mo ń ṣe agbẹnusọ fún ilé-ìwé kí wọ́n lè gba owó lọ́wọ́ òun. Ọmọ rẹ̀ jókòó ní ìlà iwájú, ó tẹ orí mọ́ tábìlì. Àwòrán yẹn kò tíì kúrò lójú mi.

Nítorí náà, èrò mi ni pé kí orúkọ ẹni tó dá àbá àti ẹni tó kín in lẹ́yìn wà níbẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé orúkọ àwọn yóò wọ ìwé. Ní ti àríyànjiyàn, kí akọ̀wé kọ kókó ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì láìdárúkọ ẹni tó sọ ọ́: «Àwọn tó fara mọ́ ọn ní…», «Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní…», ó tán.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta (7:31 àárọ̀)

Mo gba ti ìwé ìwọlé, ẹ̀gbọ́n Àgbà Akọ̀wé. N kò rò ó débẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò gba ti orúkọ. Ẹni tó bá dìde sọ̀rọ̀ ní gbangba, kí ló dé tí yóò fi sá fún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀? Bí a kò bá kọ orúkọ, ẹni tó pariwo ní ọdún yìí pé kí owó lé yóò pariwo ní ọdún tó ń bọ̀ pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ní ti àwọn tó jẹ gbèsè pẹ̀lú, orúkọ wọn lára pátákó ni yóò jẹ́ kí wọ́n san án. Èmi tí mo sanwó lásìkò ni mo ń gbé ẹrù wọn.

Akápò Àná (9:10 àárọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣe akápò fún ọdún mẹ́rin, èmi náà sì ti rò bẹ́ẹ̀ rí, bàbá. Mo ka orúkọ àwọn onígbèsè sétí gbogbo ilé, akọ̀wé kọ wọ́n, a lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá ni a rí i pé ẹnìkan nínú wọn ti san owó ní báńkì ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìpàdé, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kàn wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí ni. A tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n a kò lè lọ gba àwòrán tí àwọn ènìyàn ti yà padà lórí fóònù wọn. Ọmọ ẹni náà kò padà sí ilé-ìwé wa ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí mo ń ṣe lẹ́yìn náà ni pé mo máa ń sọ iye ìdílé tó jẹ gbèsè àti àpapọ̀ owó náà, mo sì máa ń gbé ìwé orúkọ lé ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́ nínú àpòòwé tí a lẹ̀ pa. Akọ̀wé á kọ ọ́ pé: «Akápò jábọ̀ pé ìdílé mẹ́rin ló ṣì ń jẹ owó sáà tó kọjá, ó sì fi orúkọ wọn lé ọ̀gá ilé-ìwé lọ́wọ́.» Ó tó bẹ́ẹ̀. Kódà ẹ̀dà inú fáìlì kò nílò orúkọ wọn, nítorí fáìlì ẹgbẹ́ ń ti ọwọ́ akọ̀wé kan bọ́ sí ọwọ́ akọ̀wé mìíràn, ẹ kò sì mọ ilé ẹni tí yóò sùn ní ọdún márùn-ún sí i.

Àbá mi ni kí akọ̀wé kọ ìwé méjì: èyí tó gùn fún fáìlì, èyí tó kúrú fún pátákó.

Àgbà Akọ̀wé (10:02 àárọ̀)

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ Akápò nìyẹn. Ìwé méjì tí a kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ìpàdé kan yóò yàtọ̀ síra níbì kan, bí ó ti wù kí a ṣọ́ra tó, ọjọ́ tí wọ́n bá sì gbé wọn jókòó tira wọn, wọn yóò bèèrè èwo ni òótọ́. Ìwé kan ṣoṣo ni kí ó wà. Bí pátákó kò bá gba gbogbo rẹ̀, ẹ yọ ìpínrọ̀ ìpinnu jáde bó ṣe rí gan-an láìyí ọ̀rọ̀ kan padà, kí ẹ kọ sórí rẹ̀ pé a yọ ọ́ láti inú ìwé ìpàdé ọjọ́ báyìí, ojú ewé báyìí. Ohun tó yẹ kó yàtọ̀ láàárín pátákó àti fáìlì ni àwọn ìwé tí a so mọ́ ọn: ìwé ìpè sí ìpàdé, ìwé ìwọlé pẹ̀lú ìbuwọ́lù àti nọ́ńbà fóònù, àti àlàyé owó tí ilé-ìwé pín. Inú fáìlì ni kí gbogbo wọn wà. Ìwé ìwọlé kò gbọ́dọ̀ dé pátákó láé.

Akọ̀wé, ẹ tún rántí pé ohun tí ẹ fẹ́ lẹ̀ yìí kò tíì di ìwé ẹgbẹ́. Títí ìpàdé tó ń bọ̀ yóò fi kà á tí yóò sì fọwọ́ sí i, àkọsílẹ̀ tí ẹ ń mú wá fún àyẹ̀wò ni. Ẹ kọ ọ́ sókè ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà gàdàgbà: «ẸGBẸ́ KÒ TÍÌ FỌWỌ́ SÍ I». Bí àtúnṣe bá wà nígbà náà, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo gba inú ọ̀rọ̀ àtijọ́ kọjá kí ó ṣì ṣeé kà, kí ẹ kọ ti tuntun sókè rẹ̀, kí ẹ̀yin àti alága sì buwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi nǹkan funfun kùn ún. Ibi tí a bá kùn ní funfun nínú ìwé owó, ojú olè ni wọ́n fi ń wò ó.

Akọ̀wé Tuntun (Ọjọ́rú, 7:44 alẹ́)

Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti yọ orúkọ àwọn òbí mẹ́rin náà. Mo ti yẹ òfin ẹgbẹ́ wò, òótọ́ ni pé àmọ̀ràn nìkan ni ẹgbẹ́ lè fún àwọn alákòóso lórí owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ti yọjú. Ọ̀gá ilé-ìwé rí ìwé tí mo tún kọ, wọ́n ní kí n yọ sísan lẹ́ẹ̀mẹta kúrò, nítorí pé àbá tí àwọn gbé wá kò ní ìyẹn nínú, àwọn kò sì gbà á. Alága ní kí n ṣe bí wọ́n ti wí kí àlàáfíà lè wà. Kí ni kí n ṣe?

Olùkọ́ Kíláàsì Kẹrin (8:05 alẹ́)

Ẹ má yọ ọ́ o. Bí ilé-ìwé kò bá gbà á, ẹ kọ ìyẹn náà síbẹ̀.

Àgbà Akọ̀wé (8:30 alẹ́)

Ẹ fara balẹ̀ ná, olùkọ́. Bí ọ̀gá ilé-ìwé bá sọ ní ìpàdé pé àwọn kò gbà á, kí ó wọ ìwé. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn ìpàdé ni wọ́n sọ ọ́, kò sí àyè fún un nínú ìwé ìpàdé ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìpàdé nìkan ni ìwé náà gbà. Kí wọ́n fi lẹ́tà ránṣẹ́, kí a kà á ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Akọ̀wé, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni èyí: kí ni alága sọ gan-an kí ọwọ́ tó lọ sókè? Bó ṣe yẹ kó lọ ni pé kí a kọ́kọ́ dìbò lórí àtúnṣe tí ìyá yẹn mú wá, bóyá kí a fi kún àbá tàbí kí a má fi kún un, lẹ́yìn náà kí a wá dìbò lórí àbá náà bó ṣe wá rí. Ìbò kan ṣoṣo ni ẹ ní. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu alága jáde ní ìṣẹ́jú yẹn ni yóò sọ ohun tí ẹni 39 yẹn nawọ́ sí. Ẹ wo ìwé tí ẹ fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ nínú ìpàdé.

Akọ̀wé Tuntun (9:17 alẹ́)

Mo ti rí i. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́, ó wà ní igun ìsàlẹ̀ ojú ewé, mo sì ti gbàgbé pé mo kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ alága ni: «Ẹni tó bá gba bí ìyá yẹn ṣe sọ ọ́, kó nawọ́.» Mo kọ aago sí i pẹ̀lú, 11:50. Mo gbé e lọ bá alága nílé lálẹ́ yìí, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ní àwọn rántí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìpínrọ̀ náà ṣe wá rí nìyí:

«Ọ̀gá ilé-ìwé gbé àbá wá pé kí owó ilé-ìwé fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní owó ohun èlò ìkọ́ni ti lọ sókè; àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní ìkéde náà ti pẹ́ jù fún àwọn òbí láti múra sílẹ̀. Òbí kan mú àtúnṣe wá. Ní aago 11:50, alága pe ìbò lórí àbá náà pẹ̀lú àtúnṣe yìí. Ẹni 39 fara mọ́ ọn, ẹni 26 kò fara mọ́ ọn, a kò ka àwọn tí kò nawọ́. Ẹgbẹ́ pinnu láti dámọ̀ràn fún àwọn alákòóso pé kí owó náà fi ìdá 15 lé sí i, bí wọ́n bá gbà kí òbí san owó sáà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta.»

Akápò Àná (9:40 alẹ́)

Ó dára. Ẹ wá fi iṣẹ́ kan sí i lábẹ́ rẹ̀: ta ni yóò gbé àmọ̀ràn yìí lọ bá àwọn alákòóso, ọjọ́ wo sì ni yóò mú èsì wá? Bí kò bá sí ìyẹn, ẹnikẹ́ni kò ní gbé e lọ.

Bàbá Ọlọ́mọ Mẹ́ta (9:58 alẹ́)

«Òbí kan» yẹn ṣì ń dùn mí. Àtúnṣe ìyá yẹn ló yí ìpinnu gbogbo ilé padà, ó sì yẹ kí orúkọ wọn wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá a, bí olùkọ́ fúnra wọn ti sọ nípa ẹni tó dá àbá. Ẹni tó kín in lẹ́yìn ńkọ́?

Akọ̀wé Tuntun (10:11 alẹ́)

Ẹ ṣé, bàbá. N kò kọ ẹni tó kín in lẹ́yìn sílẹ̀ nínú ìpàdé, n kò sì fẹ́ méfò. Màá pe ìyá yẹn láàárọ̀ ọ̀la, kí n bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ kí orúkọ wọn wà lára pátákó. Ọ̀gbẹ́ni alága ni yóò gbé àmọ̀ràn náà lọ, wọ́n sì ní àwọn yóò mú èsì wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Mo ti kọ ọ́ sábẹ́ ìpinnu náà.